Níbo ni ọ̀pá yẹn ti bẹ̀rẹ̀? Ohun tó yẹ ká bi ṣáàtì inú ìròyìn

Ṣáàtì ni àwòrán tó ń sọ iye nǹkan di gígùn tàbí gíga, kí ojú lè tètè rí i. Ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ wà, ibẹ̀ náà ni ewu rẹ̀ wà, torí ojú á ti gba ohun tó rí gbọ́ kí a tó ka nọ́ńbà kan ṣoṣo. Tí mo bá rí ṣáàtì tí mi ò rí irú rẹ̀ rí nínú ìròyìn, ńṣe ni mo máa ń fi ọwọ́ bo àkọlé ìròyìn náà ná, kí n tó wo àwọn nọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán.

Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń bi í ni pé: nọ́ńbà wo ló wà nísàlẹ̀ pátápátá? Ní ọdún 2012, tẹlifíṣọ̀n Fox Business ní Amẹ́ríkà gbé ṣáàtì tó ní ọ̀pá méjì jáde láti fi ohun tó máa ṣẹlẹ̀ hàn bí ẹ̀dínwó owó orí tí Ààrẹ Bush ṣe bá parí. Ọ̀pá kìíní dúró fún owó orí tó ga jù lọ nígbà yẹn, ìyẹn ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọ̀pá kejì dúró fún 39.6, tó máa bẹ̀rẹ̀ ní January 1, 2013. Lójú ẹni tó ń wò ó, ọ̀pá kejì ga ju ti àkọ́kọ́ lọ ní ìlọ́po márùn-ún ó lé. Kí ló fà á? Orí 34 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ kíkà, kì í ṣe orí òdo. Ọ̀pá kìíní wá ku ìwọ̀n 1, èkejì ku 5.6. Tí ẹ bá fi 35 pín 39.6, ẹ ó rí i pé àfikún náà ò ju nǹkan bí ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Kò sí nọ́ńbà kankan tí wọ́n parọ́ rẹ̀. Gíga ọ̀pá ló parọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ má fi òfin yìí de gbogbo ṣáàtì o. Gígùn ọ̀pá ni ojú ń kà, ìdí nìyẹn tí ọ̀pá fi gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí òdo. Ìlà tó ń gòkè sọ̀kalẹ̀ yàtọ̀: bó ṣe ń yí ni à ń wò níbẹ̀. Bí dókítà bá ya ìlà ìgbóná ara aláìsàn láti orí òdo, ìyàtọ̀ àárín 37 àti 39 ò ní fẹ́rẹ̀ẹ́ hàn, bẹ́ẹ̀ ibà gidi ni 39. Fún irú ìlà bẹ́ẹ̀, ohun tí mo máa ń bèèrè ni pé ṣé ìyípadà tí wọ́n ń fi hàn tó nǹkan lóòótọ́.

Ẹ tún wo ibi tí òdo fúnra rẹ̀ wà. Ní ọdún 2014, ilé iṣẹ́ ìròyìn Reuters gbé ṣáàtì jáde nípa àwọn tí wọ́n yìnbọn pa ní ìpínlẹ̀ Florida, wọ́n sì sàmì sí ọdún 2005 tí òfin ‘Stand Your Ground’ wáyé, ìyẹn òfin tó gbà kí ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu fi agbára gbèjà ara rẹ̀ láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ sá. Òkè ni wọ́n fi òdo sí, tí iye òkú sì ń pọ̀ sí i bí ìlà ṣe ń sọ̀kalẹ̀. Ẹni tó sáré wò ó á rò pé òfin náà dín ikú kù, nígbà tó jẹ́ pé ńṣe ni ikú pọ̀ sí i lẹ́yìn rẹ̀. Wọn ò fi nǹkan kan pamọ́, nọ́ńbà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ níbẹ̀ fún ẹni tó bá wò ó. Àmọ́ ó ti mọ́ wa lára pé òkè ni púpọ̀ ń wà.

Bí ìlà ìsàlẹ̀ bá jẹ́ ọjọ́, ẹ fi ìka tọ àwọn ọjọ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní May 2020, iléeṣẹ́ ìlera ìpínlẹ̀ Georgia gbé ṣáàtì àrùn Kòrónà kan jáde níbi tí ọ̀pá ti ń kéré sí i láti òsì lọ sí ọ̀tún. Iye ni wọ́n fi to ọ̀pá náà, wọn ò tò wọ́n bí ọjọ́ ṣe tẹ̀ lé ara wọn, April 28 ṣáájú April 27! Wọ́n padà tún un ṣe, wọ́n sì tọrọ àforíjì.

Ìbéèrè tó kù ni: ṣé ti òní nìkan ni nọ́ńbà yìí, àbí àròpọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀? Ká ní àwọn tí àìsàn kan ti mú jẹ́ 100 ní ọjọ́ Ajé, 150 ní ọjọ́ kejì, 180 ní ọjọ́ kẹta, 190 ní ọjọ́ kẹrin. Ìlà náà ń gòkè, àkọlé ìròyìn sì lè sọ pé àìsàn ń gbilẹ̀. Ẹ yọ ti àná kúrò nínú ti òní: 50, 30, 10 ni àwọn aláìsàn tuntun. Àìsàn náà ń rọlẹ̀ ni. Tí ẹ bá rí ìlà tí kò sọ̀kalẹ̀ rí láti òpin kan dé èkejì, ẹ fura pé àròpọ̀ ni, kí ẹ ṣe ìyọkúrò yẹn fúnra yín.