Fífagi lé ọ́dà kò túmọ̀ sí pé a kò ra nǹkan kan

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà tó ń ra ṣíà fúnra rẹ̀ gbà pé ibi méjì péré ni ọ́dà lè já sí: yálà kí gbogbo ohun tí a béèrè wọlé, tàbí kí ohunkóhun má wọlé. Nítorí náà, bí wọ́n bá ti rí i pé wọ́n ti fagi lé ọ́dà, wọ́n á fi òmíràn tó jẹ́ iye kan náà ránṣẹ́. Ìgbàgbọ́ yìí kò tọ̀nà rárá, owó gidi ló sì ń bá a lọ.

Ẹ jẹ́ ká wo ọ́dà 1000 ṣíà tí a fi ránṣẹ́ sí alágbàtà ní ìlànà FIX, èyí tí ọ̀pọ̀ alágbàtà àti ọjà ìpín-ìdókòwò fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Àwọn tó fẹ́ tà ní iye owó tí a dá kò pọ̀ tó. 300 ló kọ́kọ́ wọlé, 250 sì tẹ̀ lé e. Ìròyìn tó dé nìyí:

```
39=1 38=1000 14=550 151=450
```

39 ni ipò ọ́dà, 1 tó wà níbẹ̀ sì ń sọ pé apá kan ti wọlé. 38 ni iye tí a béèrè, 14 ni àpapọ̀ ohun tó ti wọlé, 151 sì ni èyí tó ṣì ń retí olùtà. Ká ní a wá fẹ́ ra ìyókù ní iye owó mìíràn, tí a sì ní kí alágbàtà fagi lé e. Bí ètò wa bá fi ọ́dà tuntun fún 450 ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, ó ti kánjú, nítorí ẹ̀bẹ̀ lásán ni a fi ránṣẹ́, ọ́dà àkọ́kọ́ sì ṣì wà lórí ọjà títí ẹ̀bẹ̀ náà yóò fi débẹ̀. Kó tó débẹ̀, 200 mìíràn ti wọlé:

```
39=4 38=1000 14=750 151=0
```

Wọ́n ti fagi lé e lóòótọ́, síbẹ̀ 750 ti di tiwa. Ẹni tó wo 39 nìkan, tó tún ra 1000, á ní 1750 lọ́wọ́. Ẹni tó kánjú fi 450 ránṣẹ́ lè bá ara rẹ̀ ní 1200. Ẹ má ṣe jẹ́ kí òdo tó wà ní 151 náà tàn yín, nítorí ohun tó ń sọ ni pé ọ́dà yẹn kò retí nǹkan kan mọ́. Ẹ yọ 14 kúrò nínú 38: 250 ló kù láti rà.

Lójú tèmi, ètò gbọ́dọ̀ ní ipò kan tó ń jẹ́ «à ń dúró de èsì ìfagilé», kí ó má sì fi ọ́dà mìíràn ránṣẹ́ níwọ̀n ìgbà tó bá wà níbẹ̀.

Ti ọ́dà tí wọ́n kọ̀, èyí tí 39=8 ń fi hàn, rọrùn díẹ̀, bí a bá ka ìdí rẹ̀ ní 103. Bí 2 bá wà níbẹ̀, ọjà ti pa, àtúnránṣẹ́ kankan kò sì lè ṣí i. 35 ló ń sọ irú ìròyìn tó dé, èyí tó sì ń ṣini lọ́nà ni 35=9, nítorí ìfagilé ni wọ́n kọ̀ níbẹ̀, kì í ṣe ọ́dà. 102 ló ń sọ ìdí tí wọ́n fi kọ ìfagilé náà; bí 102=0 bá bá a wá, ẹ̀bẹ̀ wa ti pẹ́ jù, ó sì ṣeé ṣe kí gbogbo 1000 ti wọlé tán.