Ìdí Tí Tiransísítọ̀ Ampilifáyà Fi Ń Jó Láìsí Orin

Ìbéèrè: Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Rẹsísítọ̀ óòmù 0.33 tó wà lẹ́sẹ̀ ẹ́mítà méjèèjì nínú ampilifáyà kan jó. Mi ò rí irú ẹ̀ rà, mo bá fi wáyà so ojú ibẹ̀ pọ̀. 2SC5200 àti 2SA1943 ló wà níbẹ̀, fóltì 40 lókè, 40 nísàlẹ̀. Tiransísítọ̀ báyáàsì wà lórí bọ́ọ̀dù. Mo tún báyáàsì tò, mo fi mítà wọ̀n ọ́n lójú fíúsì, ó dúró sí mílíáńpíà 100. Ó dún dáadáa. Mo pa orin, mo fi iná sílẹ̀ lórí ẹ̀. Kò tó ogún ìṣẹ́jú tí méjèèjì fi jó. Iṣẹ́ wo ni rẹsísítọ̀ kékeré yẹn ń ṣe gan-an?

Ìdáhùn: Òun ni kì í jẹ́ kí ooru tiransísítọ̀ máa bí ooru mìíràn. Ẹ jẹ́ ká ti inú tiransísítọ̀ bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Fóltì tó wà láàárín béèsì àti ẹ́mítà ló ń pinnu iye kọ́ránǹtì tó máa gba kólẹ́kítọ̀ kọjá, ohun kékeré ló sì ń yí i padà: bí fóltì yẹn bá fi mílífóltì 18 péré lé sí i, kọ́ránǹtì á di ìlọ́po méjì. Ooru náà ń ti í láti ẹ̀yìn. Bí inú tiransísítọ̀ bá gbóná sí i ní dígírì kan, fóltì tó nílò kó tó lè gbé kọ́ránǹtì àtẹ̀yìnwá á dín ní nǹkan bíi mílífóltì 2. Ṣùgbọ́n sákíìtì báyáàsì yín kò mọ̀ pé ó ti gbóná. Iye tó ń fún un nígbà tó tutù náà ló ṣì ń fún un, mílífóltì 2 tí kò nílò mọ́ wá di àlékún sí i lára. Ní mílíáńpíà 100, àlékún yẹn máa ń mú nǹkan bíi mílíáńpíà 7.7 wá fún dígírì kan ṣoṣo.

Mílíáńpíà 7.7 lábẹ́ fóltì 40 jẹ́ wọ́ọ̀tì 0.31, ooru sì ni gbogbo rẹ̀. Ooru yìí ní láti ti inú sílíkọ́nì bọ́ sí ẹ̀yìn tiransísítọ̀, kó la máíkà kọjá, kó gba hítìsíǹkì, kó tó dé inú afẹ́fẹ́. Ká ní wọ́ọ̀tì kan ń mú inú tiransísítọ̀ yín gbóná ní dígírì 3.5, ohun tí hítìsíǹkì tí kò tóbi jù, tí kò sì kéré jù, sábà máa ń fúnni nìyẹn. 0.31 lọ́nà 3.5 jẹ́ 1.08. Dígírì kan ti bí dígírì kan àti díẹ̀. Èyí tó bí náà á tún bí tirẹ̀. Bí kọ́ránǹtì bá sì ti ń gòkè, àlékún fún dígírì kan ń gòkè pẹ̀lú rẹ̀: bó bá fi máa dé mílíáńpíà 200, dígírì kan á máa mú mílíáńpíà bíi 15 wá. Bó ṣe ń sáré ni eré rẹ̀ ń le sí i, títí sílíkọ́nì á fi kọjá dígírì 150 tí wọ́n kọ fún un. Èyí ni àwọn ẹnjiníà ń pè ní tẹ́máàlì rọ́nàwéè.

Ẹ lè wá máa wò ó pé kí ló dé tí kò fi jó lójú ẹsẹ̀. Hítìsíǹkì ló fà á. Inú tiransísítọ̀ àti máíkà nìkan kò ju dígírì 1.5 lọ fún wọ́ọ̀tì kan. Dígírì 2 tó kù jẹ́ ti hítìsíǹkì, irin ńlá sì ni, ó máa ń pẹ́ kó tó gbóná. Ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, dígírì kan kò bí ju 0.46 lọ, ìdí nìyí tí mítà yín fi dúró sí 100 tó sì tàn yín jẹ. Nígbà tí hítìsíǹkì gbóná tán ni 0.46 di 1.08.

Ní báyìí, ẹ dá rẹsísítọ̀ padà sẹ́sẹ̀ ẹ́mítà. Fóltì tí báyáàsì ń fi sílẹ̀ kò yí padà, ṣùgbọ́n wọ́n ti di méjì tó ń pín in: rẹsísítọ̀ mú tirẹ̀, èyí tó kù ló kan béèsì àti ẹ́mítà. Bí kọ́ránǹtì bá fẹ́ gòkè, ìpín rẹsísítọ̀ á gòkè lójú ẹsẹ̀, ti tiransísítọ̀ á sì dín. Nínú mílífóltì 2 tí dígírì kan mú wá, rẹsísítọ̀ á gba 1.1, tiransísítọ̀ á rí 0.9. Kọ́ránǹtì tí ì bá fi 7.7 lé sí i wá ń fi 3.4 lé. Dígírì kan bí 0.47, ìyẹn bí 0.22, ìyẹn bí 0.1, ó sì parí síbẹ̀. Yóò gbóná ju bó ṣe bẹ̀rẹ̀ lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n yóò dúró.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú rẹsísítọ̀ yìí ni pé kì í rẹ̀ ẹ́. Bó ti wù kí kọ́ránǹtì gòkè tó, àlékún fún dígírì kan kò lè kọjá 0.002 tí a bá fi 0.33 pín in. Ẹ fi nọ́ńbà tiyín sí i:

```
0.002 / 0.33 × 40 × 3.5 = 0.85
```

Níwọ̀n ìgbà tí èsì kò bá ti dé 1, kò síbi tí eré yẹn ti lè bẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè: Óòmù 0.22 ni mo rí lọ́jà. Ṣé kí n lò ó? Àbí kí n kúkú fi óòmù 1 sí i kí ọkàn mi balẹ̀?

Ìdáhùn: Pẹ̀lú 0.22, ìṣirò òkè yẹn di 1.27. Ní afẹ́fẹ́ dígírì 30, kò ní sí wàhálà. Ṣùgbọ́n ẹ kó ampilifáyà kan náà sínú àpótí tí kò ní fáànù, kí afẹ́fẹ́ inú ibẹ̀ dé 40, báyáàsì á máa gòkè díẹ̀díẹ̀. Bó bá kọjá nǹkan bíi mílíáńpíà 430, kò ní dúró mọ́. Bí 0.22 lẹ bá máa lò, ẹ dín báyáàsì kù tàbí kí ẹ fi hítìsíǹkì tó tóbi sí i.

Óòmù 1 kò ní jẹ́ kó jó, àmọ́ orin ló máa jìyà rẹ̀. Nígbà tí bààsì bá gba áńpíà 5, fóltì 5 ló máa ṣòfò lórí rẹ̀, pẹ̀lú wọ́ọ̀tì 25. Lórí 0.33, fóltì 1.65 ni, pẹ̀lú wọ́ọ̀tì bíi 8.

Ìbéèrè: Bí mo bá gbé tiransísítọ̀ báyáàsì kúrò lórí bọ́ọ̀dù lọ sára hítìsíǹkì, ṣé mo ṣì nílò rẹsísítọ̀?

Ìdáhùn: Ẹ gbé e lọ, ó dára púpọ̀, torí á máa dín fóltì báyáàsì kù bí irin ṣe ń gbóná. Ṣùgbọ́n ara irin ló ń fọwọ́ kàn, kì í ṣe sílíkọ́nì. Inú tiransísítọ̀ lè gbóná láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìròyìn rẹ̀ lè pẹ́ tó ìṣẹ́jú bíi mélòó kan kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó máa dín báyáàsì. Láàárín àkókò yẹn, rẹsísítọ̀ nìkan ló wà lẹ́nu iṣẹ́.

Òun náà ló máa jẹ́ kí ẹ rí ohun tó ń lọ. Nígbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá máa tan án, ẹ fi gílóòbù olókùn wọ́ọ̀tì 100 sí ojú ọ̀nà iná. Bó bá mọ́lẹ̀ tó sì rẹ̀ wálẹ̀, ẹ yọ ọ́, kí ẹ wá fi mítà sí ẹsẹ̀ méjèèjì rẹsísítọ̀ ẹ́mítà láìsí orin. Mílífóltì 33 lórí 0.33 jẹ́ mílíáńpíà 100. Ẹ má kúrò níbẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú. Á gòkè, kí ó sì dúró. Bó bá kọjá mílífóltì 70 tó ṣì ń gòkè, ẹ pa iná lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ yẹ hítìsíǹkì àti máíkà wò, bóyá skúrù kan ti tú.