Dídá ojúlówó àwòrán mọ̀ yàtọ̀ sí ẹ̀dà

Ojúlówó àwòrán ìfín ni èyí tí ayàwòrán fín sára irin, tí wọ́n kun irin náà ní yíǹkì, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà. Ẹ̀dà ni fọ́tò irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tẹ̀ jáde. Lára ògiri, àwọn méjèèjì lè jọra bí ìbejì. Bruce Onobrakpeya, tí ó ti ṣe olùkọ́ ní Oǹdó kí ó tó lọ kàwé ní Sáríà, lókìkí fún irú iṣẹ́ ìfín bẹ́ẹ̀, tí ojú bébà rẹ̀ máa ń ga níbì kan, tí ó sì máa ń wọlé níbòmíràn.

Ká ní ẹnì kan ní Àkúrẹ́ ra àwòrán ìfín inú fúrẹ́mù, tí wọ́n fi pẹ́ńsùlù kọ 12/50 sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ìyẹn ìkejìlá nínú àádọ́ta tí wọ́n tẹ̀. Kí ó kọ́kọ́ yọ ọ́ kúrò lábẹ́ gíláàsì, kí ó pa iná yàrá, kí ó sì tan iná fóònù láti ẹ̀gbẹ́, kí ìmọ́lẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn lé bébà. Bébà tí wọ́n rẹ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ mọ́ irin máa ń wọlé níbi tí irin gbé jókòó. Etí irin náà á hàn yí àwòrán ká, ìka ọwọ́ á sì mọ̀ ọ́n lára.

Nínú àpẹẹrẹ yìí, etí irin wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó gbé awò tí ń sọ nǹkan di ìlọ́po 10 lé e, àwọn ìlà tí ó yẹ kí yíǹkì wọn dì pọ̀, kí ó sì ga díẹ̀, túká di àmì tó-tò-tó: búlúù, pupa, àwọ̀ ìyeyè àti dúdú, tí wọ́n tò bí òdòdó kéékèèké. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló ń to àmì àwọ̀ kọ̀ọ̀kan sí igun tirẹ̀. Irin tí a fi ọwọ́ fín kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ló tẹ irin lásán mọ́ ẹ̀dà náà lẹ́yìn tí ó ti jáde. Pẹ́ńsùlù ìsàlẹ̀ ń dán, ó sì wọ bébà lára, nítorí náà ọwọ́ ènìyàn ló kọ ọ́. Èyí kò sọ ọ́ di ojúlówó, nítorí ayàwòrán lè fọwọ́ sí ẹ̀dà iṣẹ́ rẹ̀.

Ti àwòrán ọ̀dà orí kánfáàsì tún yàtọ̀. Àwọn kan máa ń fi búrọ́ọ̀ṣì ra gọ́ọ̀mù tí kò ní àwọ̀ sórí ẹ̀dà, kí ó lè jọ iṣẹ́ ọwọ́. Iná ẹ̀gbẹ́ kan náà ló ń tú u fó: ipa búrọ́ọ̀ṣì á gba orí ojú àti aṣọ kọjá láìyà, nígbà tí ó yẹ kí ó yí padà níbi tí àwọ̀ gbé yí padà.

Àìsí òdòdó àmì nìkan kò tó ẹ̀rí. Ẹ̀rọ tí ń wọ́n yíǹkì máa ń fọ́n àmì tirẹ̀ ká láìtò ó, wọ́n sì lè kéré débi pé awò ìlọ́po 30 nìkan ló máa rí wọn.