Ìdí tí ọwọ́ fi ń gbọ̀n tí ara sì ń falẹ̀ nínú àrùn Pákínsìn

Ká mú bàbá télọ̀ kan nílùú Iléṣà, ẹni tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Tó bá jókòó sẹ́nu ṣọ́ọ̀bù tó gbọ́wọ́ lé itan, ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ á máa gbọ̀n, àtàǹpàkò á máa ra ìka ìfábẹ̀lá bí ẹni tó ń ka owó. Àmọ́ tó bá ti nawọ́ mú sísọ́ọ̀sì, gbígbọ̀n yẹn á dúró. Àwọn ará àdúgbò á ní ẹ̀rù ló ń bà á, àwọn míì á ní wọ́n ti fi nǹkan ṣe é, kò sì sẹ́ni tó kíyè sí i pé ẹsẹ̀ tó fi ń tẹ pẹ́dà máṣíìnì ti ń falẹ̀, àti pé orúkọ oníbàárà tó ń kọ sínú ìwé ìwọ̀n ti ń kéré sí i láti òkè délẹ̀ ojú ìwé.

Àrùn Pákínsìn ló ń ṣe bàbá yìí, ibi tọ́rọ̀ ẹ̀ sì wà ni àárín ọpọlọ, lápá ìsàlẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí wọ́n dúdú lóòótọ́, tí wọ́n bá la ọpọlọ èèyàn a máa rí i bí ìlà dúdú, àwọn ló ń ṣe dópámìnì, ìyẹn èròjà kan tí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ síra wọn, tí wọ́n sì ń fi ránṣẹ́ sókè. Dópámìnì kọ́ ló ń gbé apá o. Apá kan wà nínú ọpọlọ tó jẹ́ pé búréèkì ni iṣẹ́ ẹ̀, ó máa ń di ìṣípòpadà mú kó tó jáde, kí èèyàn má baà máa ta pọ́ún pọ́ún káàkiri, dópámìnì ló ń bá a dẹ búréèkì yẹn, ọ̀nà méjì ló sì ń gbà ṣe é: ó ń ran ọ̀nà tó ń tú búréèkì lọ́wọ́, ó sì ń dín agbára ọ̀nà tó ń tẹ̀ ẹ́ kù. Táwọn sẹ́ẹ̀lì dúdú yẹn bá wá ń kú, ọ̀nà méjèèjì ló máa bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, búréèkì á le, àṣẹ tó yẹ kó dé ọwọ́ lọ́gán á máa yọ díẹ̀díẹ̀.

Ìdí nìyí tí bàbá wa fi ń falẹ̀ tí agbára ẹ̀ ò sì lọ. Ẹ ní kó fún yín lọ́wọ́, á fún un dáadáa. Àmọ́ ẹ ní kó máa fi ìka ìfábẹ̀lá lu àtàǹpàkò kíákíá, kó sì máa là á gbàgàdà, ẹ ó rí i pé ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa, lẹ́yìn bíi mẹ́wàá ó ti ń kéré, ó ń dákú dájí. Ohun tí dókítà ń wá gan-an nìyẹn, kíkéré yẹn ló fi yàtọ̀ sí ọwọ́ tó kàn rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ara kan ni àrùn yìí sábà máa ń kọ́kọ́ mú. Nígbà tí nǹkan wọ̀nyí bá fi máa hàn síta, bí ìdajì àwọn sẹ́ẹ̀lì yẹn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ti lọ, torí àwọn tó kù ti ń ṣiṣẹ́ ìlọ́po bo ara wọn látọjọ́ pípẹ́.

Ti gbígbọ̀n ló le ṣàlàyé jù. Ẹ rántí ẹgbẹ́ onílù dùndún, oníkálukú ló ní ohun tó ń lù, ìyẹn ló ń gbé ìlù jáde. Ká ní gbogbo wọn ṣàdédé bọ́ sórí ìró kan ṣoṣo, pàù pàù pàù. Bẹ́ẹ̀ náà ni, tí dópámìnì bá ti kéré, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kí kálukú máa ṣe tiẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ta pa pọ̀, bí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin sí mẹ́fà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì jọ pé ọpọlọ kékeré tó wà lẹ́yìn orí ló wá ń gba ìlù yẹn tó ń gbé e lọ sí ọwọ́. Torí pé ọ̀nà míì ti dá sí i, bí gbígbọ̀n ṣe pọ̀ tó ò bá bí dópámìnì ṣe dín tó mu. Àwọn kan ò tiẹ̀ gbọ̀n rárá, Pákínsìn sì ni.

Ẹ máa rí èyí nídìí lẹfodópà, oògùn tí wọ́n ń lò fún àrùn yìí. Dópámìnì fúnra ẹ̀ ò lè ti inú ẹ̀jẹ̀ wọ ọpọlọ, lẹfodópà ló lè wọlé, ọpọlọ á wá sọ ọ́ di dópámìnì. Bàbá lè lò ó láàárọ̀ kí ẹsẹ̀ ẹ̀ padà máa tẹ pẹ́dà kíákíá, kí ọwọ́ tó gbé lé itan ṣì máa ka owó ẹ̀ lọ. Tó bá fi mọ́ínmọ́ín tàbí ẹran gbé e mì, ó tún lè má ṣiṣẹ́ dáadáa, torí ilẹ̀kùn kan náà ni lẹfodópà àti èròjà inú oúnjẹ amáradàgbà ń gbà kọjá, wọ́n á máa ti ara wọn, ìdí tí wọ́n fi máa ń ní kó lò ó bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú oúnjẹ nìyẹn. Oògùn yìí ò sì dá ikú àwọn sẹ́ẹ̀lì dúró. Níbẹ̀rẹ̀, àwọn tó kù ń rí díẹ̀ tọ́jú pamọ́ nínú ẹ̀, ó sì ń gbé e délẹ̀ lẹ́yìn tí oògùn ti tán lára, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń dín kù, ibi ìpamọ́ náà ń dín kù, títí tó fi jẹ́ pé kó tó di wákàtí mẹ́rin sí i, ẹsẹ̀ á tún ti wúwo lórí pẹ́dà.