Kàlẹ́ńdà tó ń padà wá lọ́dọọdún: dẹ́ètì wo la ń jẹ́ kó padà wá, èwo la ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó padà

Oṣù kẹta 2025 ni mo fi mọ́tò mi gbá bọ́ńpà ẹlòmíì lójú ọ̀nà Ìkòròdú. Ọjọ́ kẹfà oṣù ni. Ọkàn mi balẹ̀ torí fóònù mi ti sọ fún mi pé ọjọ́ kẹrìnlá ni ìnṣọ́ránsì mi máa parí, ó ṣì ku ọjọ́ mẹ́jọ, àfi ìgbà tí mo pè wọ́n tí wọ́n ní kí n wo ìwé ọwọ́ mi dáadáa, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kejì ló ti parí. Mo wò ó, bẹ́ẹ̀ ló rí lóòótọ́. Owó bọ́ńpà yẹn, àpò mi ló ti jáde.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Lọ́dún tó ṣáájú, mo fẹ́ rìnrìn àjò, ni mo bá yára san owó ìnṣọ́ránsì ní ọjọ́ 28 oṣù kejì 2024, dípò ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta tí mo máa ń san án. Ìwé tuntun bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí mo sanwó, ó sì parí ní ọjọ́ 27 oṣù kejì 2025. Àmọ́ kàlẹ́ńdà inú fóònù mi ò mọ̀ nǹkan kan nípa ìyẹn, torí èmi fúnra mi ni mo sọ fún un láti ọjọ́ pípẹ́ pé kó máa rán mi létí ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta lọ́dọọdún, ó sì ń ṣe ohun tí mo ní kó ṣe. Ọjọ́ méje gbáko ni mo fi wa mọ́tò láìní ìnṣọ́ránsì, mi ò sì mọ̀. Ẹ sì rántí pé nílẹ̀ Nàìjíríà, ìnṣọ́ránsì ò ní pé “ẹ ní sùúrù, mo ń bọ̀ wá san án”, òfin wọn ni pé ẹni tí ò bá tíì sanwó, kò ní ààbò.

Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé nìyẹn, ohun tí àwọn onífóònù ń pè ní ìfẹ́ńtì tó ń padà wá, pàápàá èyí tó ń padà lọ́dọọdún. Bí ẹ bá ní kí fóònù máa tún un ṣe, kò ní kọ ọjọ́ ogún ọdún kalẹ̀ fún yín o. Ọjọ́ kan ṣoṣo ló kọ, ó wá so òfin kékeré kan mọ́ ọn. Ká ní ẹ ṣí fáìlì rẹ̀, ohun tẹ́ ẹ máa bá níbẹ̀ máa jọ èyí:

```
DTSTART;VALUE=DATE:20260331
RRULE:FREQ=YEARLY
SUMMARY:Owó orí - ọjọ́ ìkẹyìn
```

Ìlà àkọ́kọ́ ni ọjọ́ tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, 31 oṣù kẹta 2026. Ìlà kejì ni òfin, ó ní “lọ́dọọdún”. Ìlà kẹta ni orúkọ tẹ́ ẹ fún un. Ó tán. Kò sí ibì kankan nínú rẹ̀ tó ti béèrè bóyá ẹ ti ṣe nǹkan ọ̀hún àbí ẹ ò tíì ṣe é, kò sì sí ibi tó ti ń wo ìwé tuntun tẹ́ ẹ gbà. Ọdún á yí, òun náà á yí.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣi í ṣe rèé, èmi náà wà lára wọn. Dẹ́ètì tí ìjọba àti àwọn ilé iṣẹ́ ń fún wa, oríṣi méjì ni. Ọ̀kan jẹ́ èyí tí òfin kàn mọ́ ojú kàlẹ́ńdà bí ìṣó, gbogbo èèyàn ló ni í, kì í kúrò lójú kan. Èkejì jẹ́ èyí tí wọ́n kọ sórí ìwé tiyín, ọjọ́ tẹ́ ẹ sanwó ló ń pinnu ẹ̀, bẹ́ ẹ bá tètè san án, á tètè parí, bẹ́ ẹ bá pẹ́ kẹ́ ẹ tó san án, á pẹ́ kó tó parí. Ti àkọ́kọ́ nìkan ló yẹ kẹ́ ẹ fi ìtúnṣe ọdọọdún sí. Ti èkejì, ẹ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, kẹ́ ẹ má jẹ́ kó padà, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá gba ìwé tuntun lẹ máa kọ òmíràn.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹnì kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká sọ pé obìnrin kan ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ní Ṣómólú, ó fi orúkọ òwò rẹ̀ sílẹ̀ ní 2023 lọ́dọ̀ CAC, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ òwò sílẹ̀, ó gba òṣìṣẹ́ méjì, ó sì ní Kòróllà kan tó ń wà fúnra ẹ̀.

Dẹ́ètì tí òfin kàn mọ́lẹ̀ fún un, mẹ́ta ni. Ọjọ́ 31 oṣù kìíní ni fọ́ọ̀mù tí agbanisíṣẹ́ fi ń jẹ́ kí LIRS, àwọn tó ń gba owó orí nípìnlẹ̀ Èkó, mọ iye tó san fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lọ́dún tó kọjá àti iye PAYE, ìyẹn owó orí òṣìṣẹ́, tó yọ lára ẹ̀. Ọjọ́ 31 oṣù kẹta ni fọ́ọ̀mù owó orí tòun fúnra ẹ̀, torí orúkọ òwò kì í ṣe kọ́ńpìnnì, orí ẹni tó ni í ni owó orí rẹ̀ wà. Ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ni annual returns ti CAC, ìyẹn ìjábọ̀ ọdọọdún nípa òwò náà, ọdún tó fi orúkọ sílẹ̀ nìkan ni kò kàn án, ìyẹn ni pé láti 2024 ló ti yẹ kó máa ṣe é. Bí kò bá ṣe é, ẹ wá orúkọ òwò náà lórí póótà wọn, INACTIVE lẹ máa rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ lẹ ti máa mọ̀. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí lè máa padà lọ́dọọdún láìséwu. (PAYE tí wọ́n ń san lóṣooṣù, ọjọ́ kẹwàá oṣù tó tẹ̀ lé e ni tiẹ̀, mi ò pa á pọ̀ mọ́ ti ọdọọdún.)

Ti orí ìwé náà mẹ́ta ni: ìnṣọ́ránsì Kòróllà tó parí ní ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ, láísẹ́nsì mọ́tò tó parí ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ, àti láísẹ́nsì awakọ̀ tí kì í tiẹ̀ ṣe ti ọdọọdún rárá, ọdún mẹ́ta tàbí márùn-ún ni wọ́n ń fún èèyàn. Kò gbọ́dọ̀ fi ìtúnṣe sí ìkankan nínú wọn. Kó kọ “9 oṣù kẹjọ, ìnṣọ́ránsì parí” bí ìfẹ́ńtì kan ṣoṣo, kó sì jẹ́ àṣà rẹ̀ pé bí ìwé tuntun bá ti bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀, kó tó fi ìwé náà sínú mọ́tò, kó ka ọjọ́ ìparí tó wà lójú ìwé, kó sì tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù. Ojú ìwé ni kó ti kà á o, kó má fi orí ṣe ìṣirò pé “mo san án lónìí, ó di ọdún tó ń bọ̀”. Ìnṣọ́ránsì tí wọ́n san ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ, ọjọ́ 9 ló máa parí, ọjọ́ 10 ti bọ́ sóde. Owó ìnṣọ́ránsì tááàdì pátì ti mọ́tò àdáni ti di 15,000 náírà láti oṣù kìíní 2023, ó sì lè bo nǹkan ẹlòmíì tẹ́ ẹ bà jẹ́ títí dé mílíọ̀nù mẹ́ta náírà, nítorí náà ọjọ́ kan péré tó bá bọ́ sílẹ̀ lè náni lówó gan-an.

Nísìnyí, bó ṣe máa tẹ̀ ẹ́. Nínú Google Calendar, á dá ìfẹ́ńtì gbogbo ọjọ́ sílẹ̀ ní 31 oṣù kẹta, á tẹ ibi tí wọ́n kọ `Does not repeat` sí, á sì mú `Annually on March 31`. Ó tún máa fi ìránnilétí sí i. Ibí yìí ni ẹ̀rọ ti ní ààlà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀: ìránnilétí ò lè ju márùn-ún lọ lórí ìfẹ́ńtì kan, èyí tó jìnnà jù lọ ò sì lè ju ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú ọjọ́ náà lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ò tó fún owó orí. Ó máa gba àkọsílẹ̀ báńkì láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá, ó máa kó rìsíìtì bébà, íńkì àti díísù jọ, àwọn oníbàárà tó sanwó lọ́wọ́ náà wà níbẹ̀ tí kò sí lákọsílẹ̀ báńkì. Fún ìdí yìí, ìfẹ́ńtì méjì ló máa dá sílẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ máa wà ní ọjọ́ 2 oṣù kejì, orúkọ rẹ̀ á jẹ́ “Bẹ̀rẹ̀ sí kó ìwé owó orí ọdún tó kọjá jọ”, òun náà á máa padà lọ́dọọdún. Èkejì ni ọjọ́ ìkẹyìn. Ní tèmi o, ti ìbẹ̀rẹ̀ yẹn ló ṣe pàtàkì jù, torí ẹni tó bá gbọ́ àláàmù ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta tí kò tíì ní ìwé báńkì lọ́wọ́, àláàmù yẹn ò lè ràn án lọ́wọ́ mọ́. Kó má sì kọ “owó orí” lásán, kó kọ owó ọdún wo ni, ìyẹn ni pé fọ́ọ̀mù tó kún ní oṣù kẹta 2026, owó tó wọlé ní 2025 ló wà fún.

Nǹkan kan tún wà tó ń da àwọn èèyàn láàmú. Bí ẹ bá fẹ́ yí ìfẹ́ńtì tó ń padà, fóònù á bi yín: `This event`, `This and following events`, tàbí `All events`. Ẹ wo 31 oṣù kìíní 2027, ọjọ́ Àìkú ló bọ́ sí, obìnrin wa lè fẹ́ sún un sí ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 29, kó lè bá báńkì àti ọ́fíìsì nílẹ̀. Ti ọdún yẹn nìkan ni kó sún, `This event` ni kó mú. Bó bá ṣèèṣì mú `All events`, gbogbo ọdún ló máa sún, títí kan àwọn tó ti kọjá, á wá máa rò pé ọjọ́ 29 ni òfin wí.

Ọjọ́ 29 oṣù kejì náà wà níbẹ̀. Ìnṣọ́ránsì tó bá bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta 2027, ọjọ́ 29 oṣù kejì 2028 ló máa parí. Ẹni tó bá fi ìtúnṣe ọdọọdún sí dẹ́ètì yẹn, òfin tó wà lẹ́yìn kàlẹ́ńdà ni pé kó fo ọdún tí kò bá ní ọjọ́ náà, ìyẹn ni pé ó di 2032 kó tó tún dún. Ìdí mìíràn rèé tí mo fi ní ká má jẹ́ kí ti orí ìwé máa padà.

Ó wá ku báwo lèèyàn ṣe máa mọ̀ pé nǹkan ọ̀hún ti di ṣíṣe, torí àláàmù tẹ́ ẹ fọwọ́ gbá dànù àti èyí tẹ́ ẹ dá lóhùn, bákan náà ni wọ́n rí lójú kàlẹ́ńdà. Èmi, bí mo bá ti sanwó, mo máa ń ṣí ìfẹ́ńtì ọdún yẹn, màá kọ nọ́ńbà rìsíìtì àti ọjọ́ tí mo san án sí àyè àlàyé ìsàlẹ̀ rẹ̀, màá sì mú `This event`. Bí oṣù keje bá wá dé, màá yí i padà sẹ́yìn, màá wo oṣù kìíní, oṣù kẹta, oṣù kẹfà, èyí tí mi ò bá rí nọ́ńbà nídìí ẹ̀, mi ò tíì ṣe é nìyẹn.