Mo kìlọ̀ fún awakọ̀ mi, kò gbọ́: ta ni yóò sanwó?

Ìbéèrè: Awakọ̀ mi ló ń já búrẹ́dì wa fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù. Mo kìlọ̀ fún un gidigidi pé kó má sáré. Ó sáré, ó sì kọ lu ọlọ́kadà kan. Àwọn ẹbí ọlọ́kadà ní èmi ni kí n sanwó. Ṣé ìkìlọ̀ mi ò gbà mí sílẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Kò gbà yín sílẹ̀. Bí wọ́n bá ti fi hàn pé àìṣọ́ra awakọ̀ yín ló fa ìjàǹbá náà, ohun tí adájọ́ máa wò ni bóyá iṣẹ́ tí ẹ gbà á fún ló wà lẹ́nu rẹ̀ lásìkò náà. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ yín ní ìṣekúṣe, iṣẹ́ yín náà ló ṣì ń ṣe.

Ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn kọ́ọ̀tù Nàìjíríà ti jogún òfin yìí, ẹjọ́ tó sì jọ tiyín wáyé ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1862. Ilé iṣẹ́ bọ́ọ̀sì tí ẹṣin ń fà fún àwọn awakọ̀ wọn ní ìwé ìkìlọ̀ pé wọn ò gbọ́dọ̀ bá bọ́ọ̀sì mìíràn sáré, wọn ò sì gbọ́dọ̀ dí i lọ́nà. Awakọ̀ kan ṣì dábùú ọ̀nà fún bọ́ọ̀sì ẹlòmíràn kó má bàa gba èrò mọ́ ọn lọ́wọ́, ìyẹn sì dojú dé. Kọ́ọ̀tù ní kí ilé iṣẹ́ sanwó: ọkọ̀ wọn ló ń wà, èrò tiwọn ló sì ń wá.

Ṣùgbọ́n lọ́dún 1900, kọndọ́kítọ̀ kan ló jókòó sídìí ìjánu. Awakọ̀ ò sí níbẹ̀, ló bá ní kí òun yí bọ́ọ̀sì padà fún ìrìn àjò tó kàn, ó sì ṣe ẹnìkan léṣe. Ilé iṣẹ́ ò san kọ́bọ̀, torí owó ọkọ̀ ni wọ́n gbà á fún, kì í ṣe ọkọ̀ wíwà. Lójú tèmi, ìdájọ́ yẹn le jù fún ẹni tó fara pa, torí kí ni kọndọ́kítọ̀ ní tó lè fi san án?

Ibi tí ẹ ti lè rí ọ̀nà àbáyọ ni ibi tí awakọ̀ yín ń lọ. Lọ́dún 1869, ọ̀gá oníwáìnì kan bọ́ nínú gbèsè báyìí. Awakọ̀ rẹ̀ ti já wáìnì tán, ó ń darí bọ̀, kí akọ̀wé tó bá a rìn tó rọ̀ ọ́ pé kó yà síbòmíràn fún ọ̀rọ̀ ti ara rẹ̀. Ọ̀nà yẹn ni wọ́n ti kọ lu ènìyàn. Kọ́ọ̀tù ní ìrìn àjò tuntun ni, kò kan ọ̀gá. Ti pé ó yà díẹ̀ kó lè ra omi mu ò tó bẹ́ẹ̀; bí ó ṣe jìnnà tó àti ìdí tó fi yà ni wọ́n máa wò.

Nítorí náà, ẹ wo ìwé tí ẹ fi ń kọ ọjà sílẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù wo ló kù kó já búrẹ́dì sí? Ṣé ọ̀nà ibẹ̀ ló wà? Ṣé búrẹ́dì ṣì wà nínú ọkọ̀? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ múra àtisanwó. Wọ́n lè pe awakọ̀ náà lẹ́jọ́ pẹ̀lú yín, ṣùgbọ́n ẹni tó lówó lọ́wọ́ ni wọ́n sábà máa ń dìrọ̀ mọ́.