Ẹ̀jẹ̀ ní ìparí ìtọ̀ ọmọ: kí ló dé tí láàbù ò rí nǹkan kan?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, bọ̀dá láàbù. Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún 10, ló ń tọ ẹ̀jẹ̀. Láfẹ́ńwá là ń gbé, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ìyá mi ní Ìbàrò, létí odò Ọ̀yán, ló ti lo họlidé oṣù kẹjọ. Ó tún lọ síbẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀ láàárín oṣù kẹwàá. Oṣù kọkànlá yìí ni ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kẹ́míìsì fún un lóògùn àtọ̀sí, kò ràn án. A gbé ìtọ̀ rẹ̀ lọ sí láàbù kan láàárọ̀ kùtù, wọ́n ní kò sí nǹkan kan. Kí ló ń ṣe ọmọ mi?

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kú àníyàn. Ohun kan wà tí ẹ lè kọ́kọ́ ṣe nílé. Ẹ wá ife méjì tí èèyàn lè rí inú wọn kedere. Kí ọmọ tọ ìtọ̀ àkọ́kọ́ sínú ọ̀kan, kó wá tọ ìkán tó kẹ́yìn, èyí tó ń fún jáde, sínú èkejì. Bí ti àkọ́kọ́ bá mọ́, tí ti ìkẹyìn sì pọ́n, a jẹ́ pé àpò ìtọ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ti ń wá. Àmọ́ bí méjèèjì bá dúdú bíi kóòkì, tí ojú ọmọ sì ń wú nígbà tó bá jí, ọ̀rọ̀ kíndìnrín nìyẹn. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Bí ẹ ṣe ka ìrìn-àjò ọmọ yìí, ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni àtọ̀sí ajá. Aràn ló ń fa èyí, kì í ṣe àtọ̀sí tí wọ́n ń kó lára obìnrin tàbí ọkùnrin, ìdí nìyẹn tí oògùn kẹ́míìsì ò fi ràn án. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má nà án, ẹ má sì fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò bóyá ó ti bá ọmọbìnrin kan ṣe nǹkan. Odò ló wẹ̀.

Ọdún 1983 ni wọ́n ṣí ìdídò Ọ̀yán, tí odò tó ń ṣàn tẹ́lẹ̀ fi di adágún ńlá. Létí adágún báyìí ni omi ti máa ń dúró jẹ́ẹ́ láàárín koríko, ibẹ̀ sì ni ìgbín kékeré inú omi fẹ́ràn. Ìgbín náà kò tó èékánná àtàǹpàkò. Bí ẹ bá mú un dúró kí ṣóńṣó rẹ̀ kọjú sókè, kí ẹnu rẹ̀ kọjú sí yín, ẹnu náà máa wà lápá òsì. Nígbà tí ẹni tó ní aràn yìí bá tọ̀ sínú omi, ẹyin aràn á pa níbẹ̀, ọmọ rẹ̀ á sì wọ inú ìgbín lọ. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, ìgbín á bẹ̀rẹ̀ sí í tú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ aràn tí ojú lásán ò lè rí sínú omi, pàápàá lọ́sàn-án gangan tí oòrùn bá mú. Àkókò tí àwọn ọmọ máa ń lúwẹ̀ẹ́ gan-an nìyẹn. Kò dìgbà tí ọmọ bá mu omi náà. Awọ ara ni wọ́n ń gbà wọlé, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Wọ́n á gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ, wọ́n á dàgbà, akọ àti abo á so pọ̀, wọ́n á sì lọ fi iṣan ẹ̀jẹ̀ tó yí àpò ìtọ̀ ká ṣe ibùgbé. Láti ọjọ́ tí wọ́n wọ ara dé ìgbà tí ẹyin á fi máa jáde, ó máa ń tó bí ọ̀sẹ̀ 10 sí 12. Ẹ ka oṣù kẹjọ sí oṣù kọkànlá, ẹ ó rí i pé ó bá a mu.

Aràn fúnra rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ ọmọ lẹ́nu. Ẹyin rẹ̀ ni ìjọ̀ngbọ̀n. Ojoojúmọ́ ni abo ń yé e, ẹyin kọ̀ọ̀kan sì ní ẹ̀gún ṣóńṣó nídìí. Ó ní láti la ara àpò ìtọ̀ kọjá kó tó dé inú ìtọ̀, nǹkan bí ìdajì wọn ni kò sì ní rí ọ̀nà jáde. Inú ẹran ara àpò ìtọ̀ ni wọ́n ń há sí, ojú ibẹ̀ á sì di egbò. Bí ọmọ bá ti ń tọ̀ tán, àpò á fún ara rẹ̀ pọ̀ kó lè gbẹ́ ìyókù dànù. Ìgbà yẹn ni egbò ń ṣẹ̀jẹ̀, òun ló fi jẹ́ pé ìkán ìkẹyìn ló ń pọ́n.

Ní ti láàbù, mi ò ní sọ pé wọn ò mọṣẹ́. Àárọ̀ kùtù tí ẹ lọ ni mo rò pé ó fà á. Ẹyin yìí kì í jáde bákan náà látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Láàárín aago 10 àárọ̀ sí aago 2 ọ̀sán ló máa ń pọ̀ jù. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń pọ̀ nínú ìkán ìkẹyìn ju ti àkọ́kọ́ lọ, ìtọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ tàbí àárín sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń gbé wá, nítorí ohun tí wọ́n sọ fún wọn nílé ìwòsàn fún àyẹ̀wò mìíràn nìyẹn.

Nítorí náà, ẹ tún un ṣe báyìí. Nǹkan bí aago 11, kí ọmọ sáré díẹ̀ tàbí kó gun àtẹ̀gùn lọ sókè kó sì sọ̀ kalẹ̀, kí ẹyin tó ti ń bọ̀ lè já wá. Lẹ́yìn náà kó tọ̀ sínú ìgò tó mọ́, tó sì gbẹ, kó rí i pé ìkán ìkẹyìn wọ inú rẹ̀. Ẹ má ṣe fi omi ṣan ìgò náà lójú ẹsẹ̀, nítorí bí omi bá kan ẹyin, ó lè pa kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa, a ò sì ní rí i mọ́. Ẹ gbé e dé láàbù kíákíá, ẹ má gbé e sójú oòrùn. Ẹ wá bẹ ẹni tó bá gbà á pé kó sẹ́ mílílítà 10 nínú rẹ̀, tàbí kó fi ẹ̀rọ yí i kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ lè sọ̀ sílẹ̀, kó tó fi maikirosikóòpù wò ó. Ẹni tó bá kán ẹ̀kán kan péré sórí gíláàsì lè má rí nǹkan kan. Bí wọn ò bá tún rí i, ẹ ṣe é lọ́jọ́ méjì mìíràn kí ẹ tó gbà pé kò sí.

Tó bá wà níbẹ̀, kò ṣeé ṣì mọ̀. Ẹyin náà tóbi, ó gùn, ẹ̀gún rẹ̀ wà nídìí kangíndín. Bí ìtọ̀ bá tutù yọ̀yọ̀ dé ọ̀dọ̀ wa, a máa ń rí ọmọ inú rẹ̀ tó ń mira. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ iye tí wọ́n kà sílẹ̀: bó bá tó 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú mílílítà 10, a kà á sí èyí tó wọ̀ lára púpọ̀. Bébà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń rì bọ ìtọ̀ ń fi ẹ̀jẹ̀ hàn lóòótọ́, àmọ́ kò lè sọ ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti wá, ó sì lè ṣi èèyàn lọ́nà lára ọmọbìnrin tó ti ń rí nǹkan oṣù.

Ìbéèrè: Bí wọ́n bá rí i ńkọ́? Oògùn wo ni, ṣé ẹ̀ẹ̀kan náà ló máa lò ó?

Ìdáhùn: Pirasikuwántẹ́ẹ̀lì ni. Ìwọ̀n ara ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀: mílígíráàmù 40 fún kílò kọ̀ọ̀kan, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ká ní ọmọ yín wọn kílò 28, iye tó yẹ ẹ́ jẹ́ 1120, hóró kan sì máa ń jẹ́ 600, nítorí náà hóró méjì ló sún mọ́ ọn jù. Kí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì ló wọ̀n ọ́n, kó sì kọ ọ́. Ẹ jẹ́ kó jẹun yó dáadáa kó tó lò ó, nítorí oògùn náà korò, inú sì lè máa run ún, tàbí kí orí máa yí i, kó tún bì, fún wákàtí díẹ̀. Ẹ̀rù rẹ̀ kò yẹ kó bà yín. Tó bá ní gìrì tàbí wárápá rí, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó fún un.

Ọ̀rọ̀ oṣù kẹwàá tí ẹ sọ ló ká mi lára jù. Oògùn yìí ń pa aràn tó ti dàgbà, kò fi bẹ́ẹ̀ ràn èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Aràn oṣù kẹjọ ti gbó, yóò kú. Èyí tó kó láàárín oṣù kẹwàá ṣì kéré, ó lè bọ́, kó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yé ẹyin nígbà tó bá di oṣù kìíní, tí ẹ ó sì máa sọ pé oògùn ò ṣiṣẹ́. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà pé kó tún un lò lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí wọ́n sì yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò nígbà náà.

Ẹ̀jẹ̀ lè má dá lọ́jọ́ kejì. Oògùn kò lè yọ ẹyin tó ti há sára, wọ́n á ṣì máa já jáde fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan bó tilẹ̀ jẹ́ pé òkú ni wọ́n. Ẹ sọ fún láàbù pé ọmọ ti lo oògùn, kí wọ́n lè sọ fún yín bóyá ẹyin tí wọ́n rí wà láàyè.

Tó bá sì padà wọ odò náà, yóò tún kó o, nítorí oògùn kì í dènà rẹ̀. Ní Ìbàrò, kí màmá àgbà máa pọn omi ìwẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀mù, kó sẹ́ ìgbín kúrò nínú rẹ̀, kó dé e, kó sì fi sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì gbáko. Ọmọ aràn inú omi kì í wà láàyè jù bẹ́ẹ̀ lọ bí kò bá rí awọ ara èèyàn wọ̀.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní ká fi í sílẹ̀, pé gbogbo wọn ló tọ ẹ̀jẹ̀ ní kékeré, ó sì lọ fúnra rẹ̀.

Ìdáhùn: Ẹ̀jẹ̀ tó fara hàn lójú lè dá lóòótọ́, bí ara bá ti ń mọ́ aràn, tí ọmọ náà sì dàgbà tí kò wọ odò mọ́. Ẹyin tó ti há sára kì í lọ. Ara á máa kó ẹran jọ yí wọn ká, ibẹ̀ á di àpá, àpá á sì le, títí ara àpò ìtọ̀ tó yẹ kó máa nà á fi di gbagidi. Àpò tó bá ti rí bẹ́ẹ̀ kò lè gba ìtọ̀ púpọ̀ mọ́. Ẹni náà á máa dìde lóru léraléra, ìtọ̀ á sì máa ta á.

Èyí tí mo bẹ̀rù jù kì í ro èèyàn rárá. Bí àpá bá dí ẹnu ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà wọ àpò láti òkè, ìtọ̀ á máa padà sẹ́yìn, kíndìnrín á máa wú díẹ̀díẹ̀, á sì máa bàjẹ́ láìsí ìrora kankan. Sikáànì ikùn ló ń fi í hàn, wọ́n sì lè ṣe é láìfi abẹ́rẹ́ gún èèyàn. Lára àwọn mìíràn, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, àpò ìtọ̀ tó ti ń jìyà bẹ́ẹ̀ á di jẹjẹrẹ. Àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lágbàáyé ti ka aràn yìí mọ́ ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀.

Ti ọmọ yín ṣì dára, nítorí egbò àti ẹran wíwú inú àpò ìtọ̀ ọmọdé máa ń yọ́ lọ láàárín oṣù mélòó kan lẹ́yìn ìtọ́jú, bí kò bá tún kó o. Àpá tó ti le lára àgbàlagbà ni kì í padà bọ̀ sípò.

Nítorí náà, ẹ bá mi béèrè lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n yín bóyá ó ń jí tọ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lóru, tàbí bóyá ìtọ̀ rẹ̀ tún ti pọ́n rí láìpẹ́ yìí. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, kí ẹ jọ gba ilé ìwòsàn ìjọba tó wà ní Ìjàyè lọ lọ́jọ́ kan náà: kí ọmọ lọ ṣe ìtọ̀ aago 11, kí òun sì lọ ṣe sikáànì àpò ìtọ̀ àti kíndìnrín.